Bí a ṣe ń kí ìyá ìkókó: láti ọjọ́ ìbí dé àárọ̀ ìsọmọlórúkọ, fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá àti Òkè Ọya

Tí obìnrin bá sọ̀ nílé wa ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, àgbàlagbà kan kì í jìnnà. Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á bá a tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ní Kúbwà, ní Lúgbẹ̀, ní Nyanya tàbí ní Sábọ́n Gàrí ní Kánò, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó ṣì wà lọ́nà. Ọkọ àti aládùúgbò nìkan ni wọ́n wà nílé fún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ohun tí aládùúgbò bá sọ lẹ́nu ọ̀nà ni ìyá ìkókó yóò gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá a túmọ̀ rẹ̀ sí rere.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Obìnrin kan ní Kúbwà bí ọmọ rẹ̀ kẹta láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́fà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà, obìnrin ni ọmọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ilé ìwòsàn máa dá wọn sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ti Ọ̀fà wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìwọ ni aládùúgbò wọn, ẹnu ọ̀nà yín dojú kọra.

Ọjọ́ ìbí: fóònù ni, kì í ṣe ẹsẹ̀

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, má pe ìyá ọmọ. Ọkọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kí o pè. Wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń da obìnrin tó bímọ láàmú jù, ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ara sì ń dun ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kò lè máa na ọwọ́ sí fóònù.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu rẹ jáde ni: "Tìyá tọmọ ńkọ́?" Kì í ṣe "Akọ ni tàbí abo?" Ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè akọ tàbí abo ti fi ohun tó ń rò hàn, bàbá tó bá ti ń retí ọkùnrin á sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn. Dúró gbọ́ èsì kí o tó kí i. Tó bá ní "Tìyá tọmọ wà dáadáa," ìgbà náà ni kí o sọ pé "Ẹ kú ewu o, ẹ kú oríire." Tó bá ní ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà, "ẹ kú ewu" nìkan ni kí o sọ, kí o fi "oríire" pamọ́ títí wọ́n á fi gbé ọmọ sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tó wà nínú àpótí ooru lè dára, àmọ́ ọkàn bàbá rẹ̀ kò tíì balẹ̀, ìkíni ayọ̀ á máa ta á létí.

Bí o bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù, kí ó kúrú, kí ó má sì béèrè ohun tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Irú èyí tó:

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ìkókó. A gbọ́, inú wa dùn. Ọlọ́run á fún yín ní agbára, ìkókó á gbó, á tọ́. Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ẹ sinmi. A ó máa mójú tó àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ìwé."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló wúlò jù nínú rẹ̀, torí pé ilé náà ní ọmọ méjì mìíràn. Má gbé àwòrán ọmọ sí orí ìkànnì kankan kí àwọn òbí tó gbé e. Àwọn bàbá àgbà tó wà nílé kò ní fẹ́ rí ọmọ-ọmọ wọn lórí fóònù ẹlòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n.

Ka ọjọ́ náà dáadáa

Ọjọ́ kẹjọ la máa ń sọmọ lórúkọ lóde òní. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì, àwọn àgbà míì ṣì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn: Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ kìíní, Ọjọ́rú kejì, Ọjọ́bọ̀ kẹta, Ẹtì kẹrin, Àbámẹ́ta karùn-ún, Àìkú kẹfà, Ajé keje, Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e sì ni ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì yóò dé ní Ọjọ́rú, yóò bá àwọn tó ń kó àga tí wọ́n háyà padà.

Ti Mùsùlùmí tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, tí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè di ọmọ Ọjọ́rú nínú ìṣirò wọn. Àwọn Haúsá tó yí wa ká sì máa ń pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ keje. Má fi ìṣirò tìrẹ bá bàbá ọmọ jiyàn, bi í léèrè: "Ọjọ́ wo la ó jáde?"

Ìtumọ̀ ìkíni àti èsì rẹ̀

"Ẹ kú ewu ọmọ" jẹ́ ti ìyá lákọ̀ọ́kọ́. Ewu tó là kọjá la ń kí i fún, a kò tíì dé ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ìkíni yìí fi tọ́ sí ẹni tó bí fúnra rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bákan náà. Èsì rẹ̀ ni "Ewu iná kì í pa àwòdì." Ẹni tó bá ń gbé ní Òkè Ọya kò nílò àlàyé lórí èyí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó lẹ́bàá ọ̀nà Kàdúná, wo òkè: àwòdì ni ẹ ó rí tí wọ́n ń yí èéfín ká, wọ́n ń gbé tata àti eku tó ń sá fún iná. Iná ń jó nísàlẹ̀, àwòdì ń jẹun. Ìyá ìkókó ni àwòdì yẹn.

Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ jù láti dáhùn, ìyá rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ á bá a dáhùn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni kò bá sì dáhùn rárá, má bínú. Ọmọ tuntun ń mu ọmú ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru kan, oorun ló ń gbé ìyá rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú oríire" ni ti gbogbo ilé: bàbá ọmọ, ìyá ọkọ, ìyá ìyàwó. Bàbá á ní "A dúpẹ́" tàbí "Ire á kárí." Ìyá àgbà tó ti Ọ̀fà dé ní ìkíni tirẹ̀ lẹ́yìn "ẹ kú oríire": "Ẹ kú ìrìn," lẹ́yìn náà "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ," torí òun ni yóò máa wẹ ọmọ. Má gbàgbé àwọn ọmọ méjì tó wà nílé. Bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀: "Ẹ̀gbọ́n ìkókó, o kú àbúrò o." Ọmọ ọdún mẹ́ta tí gbogbo àlejò ń kọjá lára rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìkókó ń wò wọ́n.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi" kì í ṣe ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Omi ìwẹ̀ ọmọ àti omi ìfọṣọ ọmọ ló ń tọ́ka sí, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá bá ti délé, tó sì ń lọ fún oṣù púpọ̀. Bí o bá sọ ọ́ fún ẹni tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, yóò rẹ́rìn-ín, torí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan omi.

Ní ti ọ̀wọ̀: ẹni tó jù ọ́ lọ, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ẹni tí o bí tàbí tí o jù lọ gan-an, "O kú ewu ọmọ." Tí o kò bá mọ ọjọ́ orí, fi "ẹ" ṣe é. Ìyá ọmọ náà, pè é ní Ìyá Ìkókó títí wọ́n á fi sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó ti mọ àkọ́bí rẹ̀ lè fi orúkọ àkọ́bí pè é bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí o bá wọlé

Nínú ọ̀ràn tiwa yìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n délé. Jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ní nǹkan bí aago mẹ́rin sí mẹ́fà, lẹ́yìn tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá ti kọjá. Pe ọkọ rẹ̀ kí o tó jáde nílé, tàbí rán ọmọ kan sí wọn. Tí o bá ń wúkọ́ tàbí ara rẹ ń gbóná, tàbí ọmọ rẹ ní ìgbóná, má lọ. Kí i láti ẹnu ọ̀nà, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ pé: "Ikọ́ ń dà mí láàmú, mi ò fẹ́ kó ran ìkókó." Inú wọn á dùn sí i ju kí o jókòó lọ. Nígbà ọyẹ́, tí eruku Àbújá bá ń fẹ́, gbọn aṣọ rẹ kí o tó wọlé.

Ní ẹnu ọ̀nà, kí àgbà ilé kọ́kọ́. Ìyá àgbà ló jókòó ní pálọ̀: obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹríba. Lẹ́yìn náà ni kí o yí sí ìyá ìkókó, níbẹ̀ ni àṣìṣe kan ti máa ń wáyé. Obìnrin tí a tọ́ dáadáa á fẹ́ kúnlẹ̀ kí ẹni tó jù ú lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gán ikùn rẹ̀. Tí ìwọ bá jù ú lọ, sọ̀rọ̀ kó tó dìde: "Má kúnlẹ̀ o, jókòó, mo rí ọ." Dídá a lẹ́kun ní àárín ìkúnlẹ̀ pẹ́ jù, egbò ti fà.

Fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Má béèrè kí wọ́n gbé ọmọ fún ọ. Tí wọ́n bá gbé e fún ọ, gbé e, wò ó, gbé e padà. Má fi ẹnu kàn án lójú tàbí lẹ́nu. Ohun tí o bá sì fẹ́ sọ nípa ọmọ náà, "Máṣáállàhù" tàbí "Ọlọ́run ṣeun" ni kí ó kọ́kọ́ jáde, kí o tó sọ pé ó jọ bàbá rẹ̀. Má sì wí pé "ó kéré o" tàbí "ó dúdú," kódà bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ ń ṣeré tẹ́lẹ̀.

Má béèrè pé "Ṣé o bí i fúnra rẹ?" Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ ní Àbújá ju bó ti yẹ lọ. Ohun tó ń sọ fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni pé ó ṣe nǹkan tí kò pé. Má sì gba ìyá náà nímọ̀ràn láti fún ọmọ ní omi tàbí àgbo nítorí ooru. Ọmú nìkan ló tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, omi tó wà nínú rẹ̀ tó fún ọmọ pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Owó tí o fẹ́ fún un, pọ̀ tàbí kéré, fi pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kí o fi sí i lọ́wọ́, kí o sọ pé: "Ẹ fi ra ọṣẹ." Owó ọṣẹ ni orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kà á níwájú rẹ. Tó bá jẹ́ oúnjẹ lo gbé wá, bèèrè ohun tó ń jẹ kí o tó sè é: ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹja àrọ̀, tàbí ògì àti mílíìkì, ló sábà máa ń rọrùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn ìyá ìkókó mìíràn kì í lè jẹ oúnjẹ líle láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Kó o sínú abọ́ tí o kò ní bèèrè padà lọ́sẹ̀ yẹn.

Ogún ìṣẹ́jú ti tó. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún fún ọmú, dìde. Tí ìyá àgbà bá ní "Ẹ jókòó, ẹ mu omi," mu omi náà, kí o sì dìde.

Àdúrà: èyí tó dùn létí àti èyí tó ń ṣe ìbàjẹ́

Ìgbà tí o bá ń lọ ni àdúrà. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó, jẹ́ kí wọ́n tẹ̀léra: ìyá, ọmọ, ilé, lẹ́yìn náà gbogbo ènìyàn. Fún ìyá: "Ọlọ́run á dá agbára yín padà, egbò á jinná." Fún ọmọ: "Á gbó, á tọ́, ẹ ó fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun." Fún ilé: "Ọlọ́run á pèsè, ẹsẹ̀ ọmọ yìí á mú ire wọlé." Fún gbogbo wa: "Irú rẹ̀ á kárí o." Tí bàbá ọmọ bá jẹ́ Mùsùlùmí, fi kún un pé "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Tó bá jẹ́ Kristẹni, "Olúwa á jẹ́ kí ó mọ òun" dùn létí wọn. Kò pọndandan kí ẹ máa pa ẹ̀sìn yín pọ̀, "Ọlọ́run" tó fún gbogbo ilé.

Ìdí tí "irú rẹ̀ á kárí" fi ṣe pàtàkì ni pé ó ń bo àṣírí ẹni tó ń wá ọmọ. Nínú yàrá náà, ó ṣeé ṣe kí àbúrò ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ ìyá ọmọ ti ṣe ìgbéyàwó ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí kò sì tíì bí. Ẹni tó bá yí ojú sí i tó ní "Ìwọ náà, Ọlọ́run á dá ọ lóhùn" ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ di ìkéde. "Irú rẹ̀ á kárí" ti gbà á, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àdúrà kejì tó ń bàjẹ́ ni ti akọ. Nínú ilé yìí, obìnrin ni ọmọ kẹta, bóyá àwọn méjì àkọ́kọ́ náà jẹ́ obìnrin. "Ọlọ́run á fi ọkùnrin tẹ̀lé e" dà bí àdúrà, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá gbọ́ ni pé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó. Ìkókó kò gbọ́ o, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni "Àmọ́dún, a ó tún wá jó." Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kò ṣe àmín sí i. Ọdún méjì ó kéré tán ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó wà láàárín ìbí ọmọ àti oyún tó tẹ̀lé e. Sọ pé: "Ọlọ́run á jẹ́ ká tún pàdé níbi ayọ̀," kí o má sì fi ọdún sí i.

Tí aládùúgbò bá jẹ́ Haúsá

Ìkíni wọn ni "Bárkà dà háíhúwà," àdúrà wọn sì ni "Állà yà ráyà," tí ó túmọ̀ sí kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó yè. "Ámìn" ni èsì. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìyá ọmọ. Bàbá ọmọ ni yóò kí ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì fún un ní àga níta. Obìnrin ló lè wọlé, kí ó tẹ̀lé obìnrin ilé náà. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n ń pe ìyá ọmọ ní mèjégò, wọ́n ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fún un ní ẹ̀kọ tí wọ́n fi kán-ún sí. Tí ìyá ìkókó tìrẹ bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò nítorí aládùúgbò, sọ fún un kí ó bi dókítà rẹ̀ kọ́kọ́, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ru. Àwọn dókítà ní Zàríà ti tọpa àìsàn ọkàn láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ títí dé orí kán-ún àti omi gbígbóná yìí.

Tí ọmọ kò bá dúró

Tí ìròyìn bá yí padà, má sọ "ẹ kú ewu ọmọ" mọ́. Sọ pé: "Ẹ kú ewu. Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ìyá ni agbè. Lẹ́yìn ìyẹn, jókòó díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Má fi "Ọlọ́run á fún yín ní òmíràn" bẹ̀rẹ̀, àgbà ilé ló máa sọ ọ́ nígbà tí ó bá yẹ. Má béèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Tí ọkọ bá ń pa ẹrù ọmọ mọ́ nínú yàrá kan, má bá a dá sí i àyàfi tí ó bá bẹ̀ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ní Àbújá, aago méje ìdájí ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè dé ibi iṣẹ́. Tí wọ́n bá ní aago méje, aago méje ni, má fi pípẹ́ dé àwa Yorùbá kún un. Tó o bá mọ̀ pé o kò lè dé, lọ kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, kí o sì fi owó orúkọ rẹ lé ìyá àgbà lọ́wọ́.

Láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, "Ẹ kú ewu" ti gba ẹ̀yìn, "Ẹ kú ìnáwó" ló kù. Má béèrè orúkọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Tí wọ́n bá gbé abọ́ omi dé ọ̀dọ̀ rẹ, fi owó sínú rẹ̀, kí o sì pe orúkọ tìrẹ tí o fẹ́ fún ọmọ, kan ṣoṣo, kí ó yé ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn rẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú ìwé. Orúkọ tí kò bá dé ìwé, abọ́ omi nìkan ló gbọ́ ọ.